Màálù dùbúlẹ̀: ṣé kí n kó kòkó mi ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bá gáà kan lójú ọ̀nà Òṣú ni mo ń sá kòkó sí. Bí àwọn màálù bá ti dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án báyìí, ìyàwó mi á ní ká tètè kó o, pé òjò ń bọ̀ nìyẹn. Nígbà mìíràn òjò á rọ̀ lóòótọ́, nígbà mìíràn oòrùn á ràn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣé màálù mọ̀ ni, àbí wọ́n kàn ń tàn wá?

Ìdáhùn: Ẹ má kó kòkó nítorí màálù. Bí iṣẹ́ bá ń kán yín lójú, ẹ lè dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa bi mí kẹ́yìn, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ jókòó tì í lónìí.

Ohun tí gbogbo yín máa ń bi mí ni ohun tí màálù ń ṣe nígbà tí òjò ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí ní ohun tó ń ṣe nígbà tí òjò ò bọ̀. Ó ń dùbúlẹ̀ ni. Nínú wákàtí 24, màálù tí ara rẹ̀ dá lè lo wákàtí 10 sí 12 nílẹ̀, ó lè dín díẹ̀ bí wọ́n bá dà á lọ jìnnà. Kì í dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó sùn o. Á dùbúlẹ̀ fún bíi wákàtí kan, á dìde, á tún dùbúlẹ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àpọ̀jẹ ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ nínú Bíbélì, níbi tí wọ́n ti ń ka ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Màálù kì í rún koríko kúnná kó tó gbé e mì. Á kó o sí inú ikùn ńlá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, á wá wá ibi tó fara rọ̀, á máa pọ̀ ọ́ padà díẹ̀díẹ̀, á máa rún un. Ẹ súnmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ti gáà yẹn, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ẹ ó rí nǹkan kan bí ìṣù kékeré tó ń yọ́ gòkè lọ sí ẹnu. Á wá máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ̀ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi ìṣẹ́jú kan, á gbé e mì, á sinmi díẹ̀, òmíràn á tún gòkè. Iṣẹ́ yìí lè gbà á ní wákàtí méje tàbí mẹ́jọ lójúmọ́, orí ìdùbúlẹ̀ ló sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo àkókò. Àwọn dàrandaran á kó ẹran jáde láàárọ̀, nígbà tí ìrì bá ti ń gbẹ. Wọ́n á jẹun, wọ́n á jẹun, tó bá fi máa di aago méjìlá sí aago méjì, ikùn ti kún. Wọ́n á wọ abẹ́ igi, wọ́n á tẹ eékún iwájú bọlẹ̀, wọ́n á fi ìdí lélẹ̀, àpọ̀jẹ bẹ̀rẹ̀. Òjò tiwa náà ní àkókò tirẹ̀. Láti àárọ̀ ni oòrùn á ti máa ta ilẹ̀, ooru á máa gbé ọ̀rinrin gòkè, ìkùukùu á máa ga sí i, tó bá di ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni yóò wá dà á sílẹ̀. Ìyẹn ni pé àkókò ìsinmi màálù ló ṣíwájú àkókò òjò. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà ní aago kan kọ́ ló fa òjò aago mẹ́ta, kò sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ìyàwó yín náà wà níbẹ̀. Ká ní nínú oṣù kẹsàn-án, òjò rọ̀ lọ́jọ́ 15 nínú 30. Àpẹẹrẹ ni o, mi ò ka òjò Ifẹ̀ fún yín. Màálù dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án ní gbogbo ọjọ́ 30 náà. Bí ìyàwó yín bá ń sọ pé òjò ń bọ̀ lójoojúmọ́, yóò jàre lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn lẹ ó sì máa rántí, nítorí kòkó tẹ́ ẹ sáré kó. Ọjọ́ tí oòrùn ràn títí, ta ló ń rántí rẹ̀? Ẹ wá mú un dé oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń la ètè wa. Àwọn màálù náà ṣì ń dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án lábẹ́ igi kan náà, fún ọjọ́ 31, ó sì lè má sí òjò ẹyọ kan. Màálù ò yí padà, ojú ọjọ́ ló yí padà. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé màálù parọ́.

Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ní aago kan ọ̀sán lójoojúmọ́, ẹ ka iye màálù tó wà nílẹ̀ àti iye tó wà lórí ìdúró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí òjò tó rọ̀ tàbí kó tó kọ̀. Lálẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ó rọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fi àwọn ọjọ́ òjò wé àwọn ọjọ́ tí kò rọ̀. Bí iye tó ń dùbúlẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ìhà méjèèjì, ọ̀rọ̀ parí. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí wọ́n sì wà lórí ìdúró náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé o, torí ìyẹn la kì í kà.

Ìgbàgbọ́ yìí gan-an, tẹ́ ẹ bá bi mí, kò jọ ti àwọn baba wa. Nínú igbó tiwa yìí, eṣinṣin tó ń kó àrùn sí ẹran lára kò jẹ́ kí màálù pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀. Ó sì pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù ti ń fi màálù wo òjò: akéwì ará Róòmù kan, ní nǹkan bíi 2,000 ọdún sẹ́yìn, sọ pé bí òjò bá ń bọ̀, ẹgbọrọ abo màálù á gbójú sókè, á fẹ imú, á máa fa afẹ́fẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ pé ó dùbúlẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú ni àlàyé tí wọ́n fi ń gbé e lẹ́sẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní màálù tó dùbúlẹ̀ fẹ́ kí koríko abẹ́ rẹ̀ gbẹ kó lè rí jẹ. Ẹran tó ń dìde lẹ́yìn wákàtí kan, koríko wo ló fẹ́ tọ́jú? Bí òjò bá sì ti ń rọ̀ gidi, ìdúró ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn á kọ ẹ̀yìn sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ilẹ̀ tútù máa ń fa ooru ara rẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ràn ẹrọ̀fọ̀ rárá. Àwọn tó wọn àkókò ìdùbúlẹ̀ màálù ti rí i pé ó ń dín kù nínú ẹrọ̀fọ̀. Àwọn mìíràn ní ó ń gbọ́ ọ bí agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀ ṣe ń dín kù. Níbi tiwa, agbára yẹn ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fúnra rẹ̀: ó máa ń ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, ó máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti mẹ́rin ìdájí, òjò ì báà rọ̀, kó má rọ̀. Bí ìyẹn bá ń ti màálù lulẹ̀, a ò ní rí èyí tó dúró ní aago mẹ́rin.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Bí ooru bá mú màálù, ó máa ń dúró kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà so ohun tó ń wọn ooru ara mọ́ màálù, wọ́n rí i pé bí ooru ara ṣe ń ga sí i ni wọ́n ń dúró pẹ́ sí i. Nítorí náà, bí ìkùukùu bá bo oòrùn, tí atẹ́gùn tútù sì fẹ́ díẹ̀, màálù tó ti dúró láti àárọ̀ lè rí ìdẹ̀ra, kó dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtútù ló dá lóhùn. Bí oòrùn bá wọ̀ láìsí òjò, ohun kan náà ló máa ṣe. Kí wá nìdí tẹ́ ẹ fi ń wo màálù, nígbà tí ìkùukùu tí òun ń rí wà lójú ẹ̀yin náà?

Ní ti kòkó, ìlà oòrùn ni kẹ́ ẹ máa wò. Mi ò kì í ṣe onímọ̀ ojú ọjọ́, ẹ má wá bá mi tí kòkó bá tutù o. Àmọ́ òjò oníjì ilẹ̀ wa sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá sí ìwọ̀ oòrùn, ìyẹn ni pé láti ọ̀nà Iléṣà ló máa ti bá yín. Bí ibẹ̀ bá ṣú dúdú, tí atẹ́gùn tútù sì dé lójijì, ẹ ká ẹní yín, kí màálù yẹn wà lórí ìdúró tàbí kó máa hanrun.

Ìdí tí mi ò fi fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré ni ohun tí mo rí ní oko kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Abo màálù kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ti òyìnbó lára, tó ń fún wàrà dáadáa, ti bímọ, ọjọ́ kejì rẹ̀ nìyẹn. Ó wà nílẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó ni ín ní òjò ló ń bọ̀, ó tiẹ̀ ti fi tapólì bo oúnjẹ ẹran. Nígbà tí mo dé, màálù náà ti yí ọrùn padà sí ẹ̀gbẹ́, etí rẹ̀ tutù, imú rẹ̀ gbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò sì mi. Mo fi orúnkún tì í nídìí, kò lè dìde. Kálísíọ́ọ̀mù ló tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wàrà ló fà á lọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ó bá bímọ. A fi àpò iyanrìn gbé e ró kó má fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú ikùn ò ní rí ọ̀nà jáde. Mo fi kálísíọ́ọ̀mù sí iṣan ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, etí mi wà lórí ọkàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó kọ́kọ́ gbọ̀n, ó gùnfẹ̀, ó yàgbẹ́, ó wá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbéra bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún àwọn ará gáà yẹn, ẹ sọ èyí: màálù tó dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó dùbúlẹ̀ tí kò jẹ àpọ̀jẹ, tí ẹ tì tí kò dìde, pàápàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà, torí bó bá pẹ́ nílẹ̀, ẹran ẹsẹ̀ tó fi ara tẹ̀ á bàjẹ́, kò sì ní lè dúró mọ́ bí a tiẹ̀ rí oògùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì gún un ní kálísíọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ o. Bó bá yá jù, ọkàn á dá dúró lójú yín.