Èlé tí owó ara ẹni ń jẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá mi, tí ó dá iléeṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ wa sílẹ̀ ní Olúyọ̀lé níbí ní Ìbàdàn, máa ń sọ pé “owó ẹni kì í béèrè èlé lọ́wọ́ ẹni.” Báǹkì yá wa ní ₦40,000,000 ní èlé 28% lọ́dún, nínú ìwé wa, owó tiwa jẹ́ ₦30,000,000. Akáńtáńtì wa sọ owó tiwa di ₦60,000,000, ó kọ 35% síwájú rẹ̀, ó wá ní iye tí gbogbo owó wa ń ná wa jẹ́ 28.84%. Kí ni ọ̀rọ̀ bàbá mi túmọ̀ sí gan-an, báwo sì ni ìpíndọ́gba ṣe ga ju èlé báǹkì lọ?

Ìdáhùn: Ohun tí bàbá yín ń sọ ni pé owó ara ẹni kì í yọni lẹ́nu bí gbèsè. Bí ọdún kò bá sunwọ̀n, kò sí òṣìṣẹ́ báǹkì tí yóò ti Dùgbẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé ilé. Ní ti ìfọ̀kànbalẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìṣirò, tí a wá ka owó tí onílé, ìyẹn ẹni tí ó ni òwò, kó sílẹ̀ sí ọ̀fẹ́, a ti ṣìnà, àwọn baba ńlá wa pàápàá kò sì kà á bẹ́ẹ̀. Láyé ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ní oko olówó ni èlé. Ojú owó wà níbẹ̀ láìdín kù títí di ọjọ́ tí ẹbí bá san án. Ẹnikẹ́ni kì í ka owó lé olówó lọ́wọ́ lóṣooṣù, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rò pé owó náà wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Èlé tí owó bàbá yín ń jẹ ni èrè tí wọn ì bá rí ká ní wọ́n gbé e sí ibòmíràn tí ewu rẹ̀ tó ti òwò yìí. Wọn ì bá fi ra trẹ́ṣúrì bíìlì, ìyẹn kí wọ́n yá ìjọba lówó fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì máa sùn. Ṣùgbọ́n èrè trẹ́ṣúrì bíìlì nìkan kò tó láti fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ìjọba kò ní àjàkálẹ̀ àrùn adìyẹ tí yóò lé àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ. Ẹ wo ọ̀nà tí owó ń gbà jáde nínú iléeṣẹ́ yín: ẹ san owó àgbàdo àti sóyà, ẹ san owó òṣìṣẹ́ àti ti dísù, ẹ san èlé báǹkì, ẹ san owó-orí, ohun tí ó bá sì ṣẹ́kù ni ti onílé. Báǹkì tí ó wà níwájú lórí ìlà yìí, tí ìwé ilẹ̀ yín sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní òun kò lè gba kéré sí 28%. Kí ni ẹni tí ó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, tí kò ní ohun ìdúró kankan, yóò wá gbà tí yóò fi kéré sí i? Ìdí nìyí tí iye owó onílé fi gbọ́dọ̀ ga ju èlé tí iléeṣẹ́ kan náà ń san lọ, ìdí náà sì nìyí tí ìpíndọ́gba méjèèjì fi lè borí 28%.

Ibi tí 35% ti wá ni ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi akáńtáńtì yín léèrè, nítorí pé kò sí ibi tí a ti ń kà á bí a ṣe ń ka èlé nínú ìwé báǹkì. Fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí a ń ra ìpín wọn lójoojúmọ́ ní ọjà ìpín ìdókòwò l'Ékòó, a lè wo bí iye ìpín náà ṣe ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ọjà, kí a sì ti ibẹ̀ ṣírò rẹ̀. Iléeṣẹ́ ẹbí kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ó ṣeé gbára lé ni kí a mú èlé tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń san, kí a sì fi owó ewu lé e. Àfikún ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ni fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Tiyín gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹbí kan ṣoṣo ni ó ni ín, kò sì rọrùn láti tà. Akáńtáńtì yín fi méje lé 28%. Bí ó bá fi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, n kò ní bá a jà. Ká ní odo ni ó kọ, èmi ni mà bá kọ́kọ́ bá a wí.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ìṣirò náà nìyí:

```
WACC = (E/V × Re) + (D/V × Rd × (1 − T))
```

WACC ni ìpíndọ́gba iye tí gbogbo owó inú òwò ń náni. E ni iye owó onílé, D ni gbèsè, V sì ni àròpọ̀ wọn. Re ni 35% onílé, Rd ni 28% báǹkì, T sì ni ìdá owó-orí èrè. Owó-orí wọ ọ̀rọ̀ gbèsè nítorí pé òfin gbà kí a yọ èlé kúrò nínú èrè kí a tó bu owó-orí. Bí iléeṣẹ́ yín bá ń san 30%, nínú náírà méjìdínlọ́gbọ̀n tí ẹ ń san lórí ọgọ́rùn-ún, náírà mẹ́jọ àti kọ́bọ̀ ogójì padà sápò yín nípa owó-orí tí ẹ kò san mọ́, èyí tí ó kù jẹ́ 19.6%. Owó tí onílé pín fún ara rẹ̀ nínú èrè kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: bí iléeṣẹ́ bá kéré tó ohun tí òfin yọ̀ǹda pé kí ó má san owó-orí èrè rárá, tàbí tí ó ń pàdánù, T di odo, 28% náà ni yóò sì ná an ní kíkún. Mo ti rí ìṣirò iléeṣẹ́ tí kò san kọ́bọ̀ owó-orí rí, tí wọ́n sì fi 30% bẹ́ gbèsè rẹ̀ lulẹ̀, kìkì nítorí pé bí ìlànà ṣe wà nínú ìwé nìyẹn.

Ní ti ₦60,000,000, akáńtáńtì yín kò purọ́. Ohun tí bàbá yín kó sílẹ̀ látìgbà yìí wá, pẹ̀lú èrè tí wọn kò kó jáde, ni ₦30,000,000 tí ó wà nínú ìwé, tí ilẹ̀ Olúyọ̀lé sì wà níbẹ̀ ní iye tí wọ́n rà á. Ohun tí wọ́n lè gbà lónìí bí wọ́n bá tà ni wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú òwò, iye yẹn ni ó sì yẹ kí a fi wọn ìpín méjèèjì. Ọ̀nà kan láti yẹ̀ ẹ́ wò ni èyí: bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn èlé àti owó-orí, nǹkan bíi ₦21,000,000 ni ó ń kù fún onílé lọ́dún, tí èrè náà sì dúró sójú kan, ẹni tí ó ń fẹ́ 35% lórí owó rẹ̀ kò ní san ju ₦60,000,000 lọ fún un, nítorí pé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ₦60,000,000 ni ₦21,000,000.

Nítorí náà, gbogbo owó tí ó wà nínú òwò jẹ́ ₦100,000,000. Ti onílé jẹ́ ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ti báǹkì jẹ́ ogójì. Ìdá ọgọ́ta 35% jẹ́ 21%; ìdá ogójì 19.6% jẹ́ 7.84%, àròpọ̀ wọn ni 28.84%. Bí ẹ bá fi ₦30,000,000 inú ìwé ṣe é, 26.2% ni ẹ ó bá pàdé, ìyàtọ̀ yìí kò sì kéré bí ẹ ṣe lè rò.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbàdo dán an wò. Ká ní ẹ fẹ́ fi ₦10,000,000 ra àgbàdo láti Ṣakí nígbà ìkórè, kí ẹ fi pamọ́, kí ẹ sì rí ₦12,700,000 lórí rẹ̀ láàárín ọdún kan, lẹ́yìn owó-orí ṣùgbọ́n láìtíì yọ èlé. Èrè 27% nìyẹn. Pẹ̀lú 26.2%, ẹ ó rà á, pẹ̀lú 28.84%, ẹ ó fi í sílẹ̀, nítorí pé ₦12,884,000 ni ó yẹ kó wọlé. Ta ni ₦184,000 tí kò pé náà kàn? Bí ẹ bá ra àgbàdo náà pẹ̀lú ₦4,000,000 báǹkì àti ₦6,000,000 tiyín, èlé jẹ́ ₦1,120,000, owó-orí tí ó dín kù nítorí rẹ̀ jẹ́ ₦336,000, ohun tí báǹkì ná yín gan-an sì jẹ́ ₦784,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èrè ₦2,700,000, ₦1,916,000 ni yóò kù fún bàbá yín lórí ₦6,000,000, nǹkan bíi 32%. Báǹkì gba tirẹ̀ pé. Owó “tí kì í béèrè” ni ó gbé àdánù náà. Ìwé iléeṣẹ́ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí èrè, ẹnikẹ́ni kò ní fura.

Ẹ kíyè sí i pé n kò yọ èlé kúrò nínú ₦12,700,000 kí n tó fi í wé 28.84%. Èlé ti wà nínú ìpíndọ́gba náà. Ẹni tí ó bá tún yọ ọ́ nínú owó tí ń wọlé ti san án lẹ́ẹ̀mejì, òwò tí ó dára yóò sì dà bí èyí tí kò dára lójú rẹ̀.

Ẹ lè wá rò pé, níwọ̀n bí gbèsè ti dín lówó sí 19.6%, kí ẹ tún yá sí i kí ìpíndọ́gba lè wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Franco Modigliani àti Merton Miller, ti wo ọ̀rọ̀ yìí ní 1958: bí gbèsè ṣe ń pọ̀ ni ewu ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìlà ń pọ̀, ohun tí yóò béèrè sì ń ga, títí tí yóò fi jẹ àǹfààní náà tán, bí a bá yọ ti owó-orí sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ₦20,000,000 kún gbèsè yín, kì í ṣe ìpín nìkan ni ẹ ó yí padà; 35% náà gbọ́dọ̀ gòkè, ó sì ṣeé ṣe kí báǹkì fúnra rẹ̀ gbé 28% sókè.

Kí ẹ tó gba 28% yẹn gbọ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lórí gbèsè tí ó kù lóṣooṣù, ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn ayánilówó kéékèèké kan máa ń ní “3% lóṣù,” tí wọ́n sì ń ka á lórí ojú owó àkọ́kọ́ títí ọdún yóò fi pé, bí ẹ tilẹ̀ ti ń dá ojú owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Lórí ₦1,000,000 tí a san padà ní ìgbà méjìlá, ẹ ó máa san nǹkan bíi ₦113,333 lóṣooṣù. Wọn yóò pè é ní 36% lọ́dún, ṣùgbọ́n èlé tí ẹ ń san lórí gbèsè tí ó wà lọ́rùn yín gan-an ju 5% lọ lóṣù, ìyẹn nǹkan bíi 61% lọ́dún, kódà láìka èlé lórí èlé. Iye yìí ni kí ẹ fi síbi Rd, pẹ̀lú owó ìwé àti owó ìṣètò tí wọ́n yọ kí wọ́n tó kó owó náà lé yín lọ́wọ́.