Ẹsẹ̀ ọmọ tó wọ́: èyí tó ń tọ́ fúnra rẹ̀ àti èyí tí ríkẹ́ẹ̀tì fà

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ìyá, ọmọkùnrin mi pé oṣù 20, Kúbwà la wà. Bó bá dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọ́ síta, orúnkún rẹ̀ kì í kan ara wọn. Ìyá ọkọ mi ní pípọ̀n tí mò ń pọ̀n ọ́n ló fà á. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ní kí n gbé e wá gba abẹ́rẹ́ fítámì D. Ṣé ríkẹ́ẹ̀tì ni, àbí yóò tọ́ fúnra rẹ̀?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ má tíì jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ yẹn. Ní oṣù 20, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wọ́ bákan náà, tí ọmọ ń sáré, tí nǹkan kan ò dùn ún, ó dájú díẹ̀ pé bí ẹsẹ̀ ọmọdé ṣe ń dàgbà ni ẹ̀ ń wò yẹn, kì í ṣe ríkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí egungun ọmọdé rọ̀. Ẹ bá mi sọ fún Màámá pé pípọ̀n kọ́ ló fà á. Inú oyún ni ọmọ ti ká ẹsẹ̀ kò, ẹsẹ̀ wíwọ́ ni wọ́n sì máa ń gbé wáyé. Ìgbà tí wọ́n bá dìde rìn ni ojú wa tó ń rí i. Ó sábà máa ń tọ́ bí ọmọ bá ti ń súnmọ́ ọdún 2. Lẹ́yìn ìyẹn yóò yí sí òdì kejì: orúnkún á máa gbá ara wọn, kókósẹ̀ á jìnnà síra, ohun tí gbogbo wa ń pè ní kélẹ́ẹ̀gì. Láàárín ọdún 3 sí 4 ni ìyẹn máa ń hàn jù. Tó bá fi máa di ọdún 7, ẹsẹ̀ á ti gún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí kélẹ́ẹ̀gì lára rẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Mo ti rí méjèèjì nínú ilé mi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi yóò fi gùn díẹ̀. Ẹsẹ̀ àkọ́bí mi ọkùnrin wọ́ débi pé bọ́ọ̀lù lè gba àárín orúnkún rẹ̀ kọjá. A ò fún un ní nǹkan kan, ó sì tọ́. Ti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló yàtọ̀. Jọ́ọ̀sì la ń gbé nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní wàhálà nígbà tó kọ́kọ́ ń rìn. Lẹ́yìn tí mo já a lẹ́nu ọmú ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó sì ń wọ́ sí i ní àsìkò tí tọmọ ẹlòmíràn ń tọ́. Nígbà tó fi pé ọdún 2 àti ààbọ̀, kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́. Bó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, á di itan ara rẹ̀ mú, á máa sunkún. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ní ẹsẹ̀ ọmọdé lásán ni, pé yóò tọ́. Wọn ò tilẹ̀ bọ́ aṣọ lára rẹ̀ wò.

Ọwọ́ rẹ̀ ló tú àṣírí. Ẹ̀gbà tí ìyá mi rà fún un kò gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kọjá mọ́, bẹ́ẹ̀ apá ọmọ rù, kò sí ẹran níbẹ̀. Egungun ọrùn ọwọ́ gan-an ló fẹ̀, ó yọ gọngọ lọ́tùn-ún lósì. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, ìka mi á máa kan kókó kókó níwájú ìhà rẹ̀, wọ́n tò láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Dókítà ọmọdé tí a rí lẹ́yìn náà tẹ ọrùn ọwọ́ náà, ó fọwọ́ tọ ìhà, ó ní ká lọ ya ẹ́síréè lọ́jọ́ náà.

Ìdí tí ọwọ́ fi ń wú ni pé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni ríkẹ́ẹ̀tì ń bá jà. Orí egungun, lẹ́bàá oríkèé, ni egungun ọmọdé ti ń gùn. Apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde níbẹ̀ máa ń rọ̀, kálísíọ̀mù ló ń wá sọ ọ́ di líle. Bí kálísíọ̀mù ò bá dé, apá rírọ̀ yẹn á máa kóra jọ, oríkèé á fẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń ru gbogbo ara á sì tẹ̀. Ẹsẹ̀ tó kàn ń dàgbà kì í mú kí ọrùn ọwọ́ wú.

Torí náà, ẹ bọ́ aṣọ ọmọ yín sílẹ̀ lónìí, kí ẹ wo ọrùn ọwọ́ àti kókósẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tọ ìhà rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀ náà. Ní oṣù 20 ó yẹ kó ti dí tàbí kó kù díẹ̀ kó dí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí orúnkún kọjú sókè, kí kókósẹ̀ méjèèjì kan ara wọn. Ẹ fi tépù télọ̀ wọn àárín orúnkún. Bí kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, tí ọ̀tún àti òsì sì rí bákan náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù 3. Tó bá jẹ́ kélẹ́ẹ̀gì, orúnkún ni kó kan ara wọn, kí ẹ wọn àárín kókósẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 8 ni ààlà tiẹ̀. Bí àlàfo náà ṣe ń rìn ló ṣe kókó ju iye rẹ̀ lọ. Bó bá ń dínkù, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn ọdún 2, tàbí tí ọmọ ń sunkún ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹsẹ̀ kan tó wọ́ ju èkejì lọ, tàbí tó ṣẹ́ lójú kan ṣoṣo lábẹ́ orúnkún, lè jẹ́ àìsàn tí wọ́n ń pè ní Búlọ́ǹtì, pàápàá lára ọmọ tó sanra tó sì tètè rìn. Dókítà egungun ló ni ìyẹn, kálísíọ̀mù kò lè wò ó.

Ẹ́síréè ọrùn ọwọ́ àti ti orúnkún ló ń la ọ̀rọ̀ náà. Lórí tọmọ mi, orí egungun tó yẹ kó gún rẹ́gírẹ́gí ti fẹ̀, ó ti jin kòtò, etí rẹ̀ ti ya wúruwùru. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kálísíọ̀mù, fọ́sífètì àti alikaláìnì fọ́sífatéèsì. Ẹ béèrè fún èyí tó kẹ́yìn yẹn lórúkọ, torí òun ló máa ń ga gan-an nínú ríkẹ́ẹ̀tì. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ lè dára lórí ìwé nígbà tí egungun ń rọ̀, nítorí inú egungun ni ara ti ń yọ ọ́ láti fi dí ti ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n sì fi ìwọ̀n ọmọdé wo èsì náà, ti ọmọdé máa ń ga ju tàgbà lọ láìsí àìsàn kankan.

Ẹ lè máa rò ó pé oòrùn pọ̀ ní Òkè Ọya, báwo ni egungun ọmọ á ṣe rọ̀? Oòrùn ló ń mú kí awọ ara ṣe fítámì D, iṣẹ́ fítámì D sì ni láti gbé kálísíọ̀mù oúnjẹ wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí oúnjẹ ò bá ní kálísíọ̀mù, kò sí ohun tí yóò gbé. Ògì àgbàdo ni ọmọ mi ń mu láàárọ̀, tùwó lọ́sàn-án, tùwó lálẹ́, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń bọ́ ọmọ nìyẹn. Mílíìkì wọ́n, ẹja kì í sábà dé abọ́ ọmọdé. Àgbàdo fúnra rẹ̀ tún ní ohun kan tó ń di kálísíọ̀mù mú nínú ìfun kí ara má rí i lò. Ọmú ló ń bò ó tẹ́lẹ̀.

Àwọn dókítà gbé ìwádìí kan tó wáyé ní Jọ́ọ̀sì jáde ní 1999, lórí ọmọ 123 tó ní ríkẹ́ẹ̀tì. Kálísíọ̀mù tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ kò ju nǹkan bíi 200 miligíráàmù lọ lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nínú àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan, bíi 2 nínú 10 ló sàn dáadáa. Nínú àwọn tó gba kálísíọ̀mù, yálà fítámì D wà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kò sí, ó tó 6 nínú 10. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún láìyẹ nǹkan kan wò. Ó sì lè ṣe ọmọ léṣe bó bá pọ̀ jù: èébì, ìgbẹ́ tó le, òùngbẹ, kídìnrín tó bàjẹ́.

Mi ò sọ pé fítámì D kò wúlò o. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀, tó jẹ́ ọmú ló gbẹ́kẹ̀ lé, tí kì í jáde kúrò nínú fúláàtì, ìyẹn lè ní ríkẹ́ẹ̀tì tí àìtó fítámì D fà, torí fítámì D inú ọmú kéré. Yúníìtì 400 lójúmọ́ ni wọ́n ń kọ fún ìkókó láti dènà rẹ̀.

Ohun tí dókítà kọ fún tèmi ni kálísíọ̀mù 500 miligíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú fítámì D díẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń gbé èyí tí kò tó fọ́mọ nìyí: oògùn funfun kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi ní ṣọ́ọ̀bù ni kálísíọ̀mù látéètì, 300 miligíráàmù. 300 yẹn ni ìwọ̀n gbogbo oògùn náà, kálísíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ kò tó 40. Èèyàn á gbé bíi 13 mì kó tó pé 500. Kálísíọ̀mù kabọ́néètì 1,250 miligíráàmù ló ní 500 nínú, òun ni mo wá rà. Mo ń lọ̀ ọ́, mo ń pò ó mọ́ oúnjẹ, torí ara máa ń gbà á dáadáa bí oúnjẹ bá wà níkùn. Mo tún ń yan ẹja kéékèèké tòun teegun rẹ̀, mo ń lọ̀ ọ́ kúnná, mo ń bù ú sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ife mílíìkì kan ń fún ọmọ ní bíi 240 miligíráàmù. Bí ẹ bá ń ra ti àwọn Fúlàní, ẹ sè é kó hó kẹ́ ẹ tó fún un.

Ẹkún ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Nígbà tí a tún ya ẹ́síréè lẹ́yìn oṣù 3, ìlà funfun ti hàn lórí egungun níbi tó ti ya tẹ́lẹ̀. Wíwọ́ ẹsẹ̀ ni kò yára lọ, ó ń tọ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ga ni. Àwọn kan ní ká dè é, àwọn kan ní ká lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní bí wọ́n bá gé egungun tó ṣì rọ̀, yóò tún tẹ̀ ni, kí a jẹ́ kí ríkẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ sàn tán. Nígbà tó ń wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò gé mọ́ níbẹ̀.

Bí ọmọ kan bá lo ìwọ̀n tó tọ́ fún oṣù 3 tí ẹ́síréè rẹ̀ kò yí padà, kí wọ́n má kàn fi oògùn kan náà kún un. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé kídìnrín ló ń da fọ́sífètì nù sínú ìtọ̀, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Ìtọ́jú tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ẹ sọ fún dókítà bí ẹnikẹ́ni bá wà nílé yín tó ga díẹ̀ péré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ́ láti kékeré.