Ọ̀rọ̀ 24 àti ẹ̀rọ wọ́lẹ́ẹ̀tì: ohun tí ojú mi rí

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kọ́ìnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì mi wà lórí ẹ̀síséńjì tí mo ti rà á láìsí wàhálà kankan. Ṣé dandan ni kí n ra ẹ̀rọ wọ́lẹ́ẹ̀tì? Kí ni wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ 24 tí ẹ̀rọ náà ń fúnni yẹn ṣe gan-an?”

Àbúrò mi, èmi náà ò rí wàhálà, àfi ọjọ́ tí mo fẹ́ san owó ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́. Owó pé lójú fóònù, kò jáde. “Pending” ni mo ń rí. Àwọn ẹ̀síséńjì ní kí n ya ojú mi àti káàdì ìdánimọ̀ mi, mo yà á. Wọ́n ní kò mọ́lẹ̀, mo tún un yà. Òṣìṣẹ́ wọn mìíràn tún dá mi lóhùn, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè látìbẹ̀rẹ̀. “Ẹ ní sùúrù” ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n wí! Kí owó tó jáde, onílé ti fa ṣọ́ọ̀bù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọmọ báǹkì tí mo bá sọ ọ́ ní kò kan àwọn.

Ohun tí ò ń rí lórí ẹ̀síséńjì, iye tí wọ́n jẹ ọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn. Àwọn ló ni kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń ná kọ́ìnì. Nígbà tí ẹ̀síséńjì ńlá kan tó ń jẹ́ FTX wó ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn oníbàárà di ẹni tó ń tò nílé ẹjọ́ nítorí owó ara wọn.

Kọ́ìnì ò sí nínú ẹ̀rọ wọ́lẹ́ẹ̀tì o. Orí bulọ́kséènì ló wà, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ gbogbo owó tó ń wọlé tó ń jáde sí. Kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ló ti ń fọwọ́ sí i pé kí owó lọ, kọ́kọ́rọ́ kì í jáde wá sórí fóònù. Inú ọ̀rọ̀ 24 yẹn sì ni kọ́kọ́rọ́ ti ń wá. Nígbà tí òjò wọ yàrá mi ní Ìbarà, omi pa ẹ̀rọ mi pátápátá. Mo ra òmíràn, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sí i bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, àdírẹ́sì àtijọ́ tí mo fi ń gba owó yọ, owó wà níbẹ̀. Omi ti ba ọ̀rọ̀ kan jẹ́ lórí ìwé, “aban” nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ 2048 ló wà nínú àkójọ tí wọ́n ti ń mú ọ̀rọ̀ 24 náà, lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ti tó láti dá ìkọ̀ọ̀kan mọ̀: “abandon” ni.

Tí o bá ra ẹ̀rọ tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sínú káàdì rẹ̀ sílẹ̀, olè ló kọ ọ́. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ hàn ọ́ lójú rẹ̀. Má ya fọ́tò rẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ lórí WhatsApp, tó ní òun fẹ́ bá ọ tún nǹkan ṣe, gbá a dànù.

Síso ẹ̀rọ mọ́ fóònù ò le. Fi owó kékeré ránṣẹ́ sí i ná, pa gbogbo inú ẹ̀rọ rẹ́, kí o fi ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé gbé e padà. Tí àdírẹ́sì kan náà bá yọ, kó ìyókù wá. Tí kò bá yọ, àṣìkọ ti wà nínú ìwé rẹ, owó kékeré náà lo pàdánù. Kọ ẹ̀dà kejì, kó má sì sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àkọ́kọ́.