Ìkòkò sìmẹ́ǹtì àti pèrègún fún bákónì

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, òkè kejì là ń gbé n'Íbàdàn. Gbogbo ohun tí mo bá fi ṣe bákónì lọ́ṣọ̀ọ́, bí ìjì ò bá gbé e, òjò á bà á jẹ́, tàbí kí eruku ọyẹ́ bò ó. Kí ni mo lè lò tó máa pẹ́?”

Ẹ fi òdòdó oníke sílẹ̀ fún pálọ̀. Oòrùn á fọ àwọ̀ ẹ̀ dà nù, eruku tó bá sì há sáàárín ewé wínníwínní yẹn kì í jáde mọ́. Pèrègún ló wà ní bákónì tèmi, nínú ìkòkò sìmẹ́ǹtì. Ìjì tó máa ń ṣáájú àwọn òjò àkọ́kọ́, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, ló ń da ìkòkò oníke nù, torí pé ó fúyẹ́.

Ilé lẹ ti lè ṣe ìkòkò yẹn. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ńlá kan, àti kékeré kan tó máa wọ inú ẹ̀ tí àyè ìka méjì á ṣẹ́kù yí i ká. Ẹ fi epo pa inú ti ńlá àti ẹ̀yìn ti kékeré. Ẹ po sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan mọ́ yanrìn ìwọ̀n méjì, kó ki dáadáa. Ẹ dà á sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ ri ègé páìpù kúkurú mọ́ àárín ẹ̀ tí omi á máa gbà jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kékeré lé e, ẹ kó òkúta sínú ẹ̀ kó má baà léfòó, kẹ́ ẹ wá rọ sìmẹ́ǹtì tó kù kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e síbi òjìji, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí oòrùn bá tètè gbẹ ẹ́, ó máa sán. Ẹ tún rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi náà, torí oró sìmẹ́ǹtì tuntun kì í ṣe gbòǹgbò lóore.

Pèrègún ò nílò irúgbìn. Ẹ gé igi ẹ̀ tó gùn tó apá, ẹ rì í mọ́lẹ̀, á ta gbòǹgbò. Ẹ má jẹ́ kó ga ju ìlọ́po méjì ìkòkò lọ, torí bó bá ti ga ni atẹ́gùn á rí i dì mú. Ẹ gé orí ẹ̀, á rú lábẹ́ ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé e. Èyí tẹ́ ẹ gé yẹn, ẹ gbin ín síbòmíì. (Àwọn aládùúgbò mi ò ra pèrègún mọ́!)

Tí ọyẹ́ bá dé, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi máa nu ewé ẹ̀. Aṣọ gbígbẹ á fi iyanrìn ha á lára. Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ kẹ́ ẹ tó bomi rin ín. Tó bá ṣì tutù nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ṣóńṣó ewé bá gbẹ lásìkò yìí, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e.

Ẹ má gbé e sórí irin bákónì láéláé, èèyàn ń kọjá nísàlẹ̀. Ẹ̀bá ògiri ni kó wà, lórí òkúta pẹlẹbẹ kí omi lè jáde lábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé abẹ́ bákónì yín ti ń sán, ẹ gbé e lọ sínú ọgbà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe onílé wá wò ó.