Inú ojú ni ìyeyè yẹn wà

«Ẹ jọ̀wọ́, wọ́n ní iná mẹ́ta péré ni fóònù fi ń gbé gbogbo àwọ̀ jáde. Báwo ni pupa àti àwọ̀ ewé ṣe ń di ìyeyè, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dà méjèèjì tí mo pò pọ̀ ṣú bí ẹrẹ̀?»

Ẹ kán omi bíńtín sójú fóònù tó ń gbé àwọ̀ ìyeyè jáde, kí ẹ sì wò ó láti inú ẹ̀kán omi náà. Ẹ̀ka iná wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pupa àti àwọ̀ ewé ni ẹ ó rí, kò sí ìyeyè kankan níbẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí à ń pè ní kóònù, tó wà nínú ẹyinjú wa, lápá ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 560 nánómítà ló máa ń ta ti àkọ́kọ́ jí jù lọ, 530 ni ti èkejì, 420 sì ni ti ẹ̀kẹta. Àmọ́ kóònù kan ṣoṣo kò lè sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó kàn án. Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ta á jí tó nìkan ló ń ròyìn fún ọpọlọ. Ìmọ́lẹ̀ ìyeyè gidi, ti bíi 580, ń ta àkọ́kọ́ àti èkejì jí, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀kẹta rárá. Bí iná pupa àti iná àwọ̀ ewé bá pàdé lójú kan ní ìwọ̀n tó yẹ, ìròyìn kan náà ni kóònù yóò mú lọ, ọpọlọ kò sì ní ibòmíràn tí yóò ti gbọ́ ìyàtọ̀. Ọ̀dà ní tirẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ni: èyí tí ọ̀kan bá dá padà, èkejì á gbé e mì, ó sì di dúdú.

Iná òde ayẹyẹ ni iṣẹ́ mi, gèlè aṣọ òkè ló sì kọ́ mi ní ìyókù. Mo fi iná pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù pò funfun tó mọ́ lóló lára ògiri, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá olóde jáde, gèlè rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ wúrà lójú oòrùn ti pọ́n bí osùn. Owó tó kù kò tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé láti nǹkan bí 560 sókè ni aró irú òwú bẹ́ẹ̀ máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọ̀ ewé iná mi wà ní nǹkan bí 525, pupa rẹ̀ sì wà ní 630, tí àárín wọn ṣófo. Pupa nìkan ni òwú náà rí dá padà dáadáa. Ògiri funfun ń dá gbogbo rẹ̀ padà, ìdí nìyẹn tí kò fi tú mi fó.

Ọ̀rọ̀ «gbogbo àwọ̀» yẹn pàápàá ti pọ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta kóònù èkejì jí yóò ta ti àkọ́kọ́ náà jí díẹ̀, nítorí náà, iná mẹ́ta kò lè pò àwọ̀ tó wà láàárín ewé àti búlúù, ti bíi 500, kó jinlẹ̀ bí ojúlówó rẹ̀. Ó máa ń ṣá díẹ̀.

Láti ìgbà náà, iná tó ní ẹ̀ka ìyeyè àti funfun tirẹ̀ ni mo ń gbé lọ sóde, mo sì máa ń tọrọ àjákù aṣọ ẹbí kí n kọ́kọ́ tan iná sí i.