Kí ni "òpin" ń ṣe nínú "ìyípo òpin"?

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ 'òpin' nínú 'ìyípo òpin'? Mo ní kí kọ̀ǹpútà ya ìdọ́gba kan fún mi, mo sì rí ìyípo lójú rẹ̀. Ṣé ẹ̀rí ti dé nìyẹn?"

Òpin yìí kì í ṣe pé nǹkan kan parí o. Ibi tí àwọn ipa-ọ̀nà mìíràn, ìyẹn ìlà tí x àti y ń tọ̀ bí àkókò ti ń lọ, ń sún mọ́ láìdé ibẹ̀ láéláé ni. Henri Poincaré ló fún un lórúkọ yìí lédè Faransé ní sáà 1880. Ìyípo òpin gbọ́dọ̀ dá wà: kò gbọdọ̀ sí ìyípo mìíràn tó pa ojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Gbogbo ipa-ọ̀nà tó wà nítòsí ń lọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n máa lọ́ sá fún un.

Ẹ wo `x' = y, y' = -x`. Ìyípo ló kún ibẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì, ṣùgbọ́n kò sí ìyípo òpin kankan níbẹ̀. Ẹ wá fi `-0.0001x` kún ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi `-0.0001y` kún èkejì. Ní báyìí, kò sí ìyípo rárá, nítorí pé lẹ́yìn yíyí kan ipa-ọ̀nà á ti fi nǹkan bí 0.06 nínú 100 sún mọ́ àárín. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn nínú àwòrán. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba àwòrán kọ̀ǹpútà bí ẹ̀rí. Ó lè tọ́ka sí ibi tó yẹ ká wá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo la ṣe wá ń fi hàn pé ó wà? Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò:

```
x' = x - y - x(x² + 2y²)
y' = x + y - y(x² + 2y²)
```

Ẹ fi x sọ ìlà àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ fi y ṣe èkejì bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì pa wọ́n pọ̀. Bí r bá jẹ́ jíjìnnà sí àárín, tí θ sì jẹ́ igun, ohun tó jáde á fún wa ní r', `(xy' - yx')/r²` á sì fún wa ní θ':

```
r' = r(1 - r²(1 + sin²θ))
θ' = 1
```

Níbi tí r = 0.7, r² jẹ́ 0.49. Bí `1 + sin²θ` tilẹ̀ dé 2, ohun tó wà nínú àkámọ́ kò ní kéré sí 0.02. Gbogbo ipa-ọ̀nà ibẹ̀ ń jáde síta nìyẹn. Níbi tí r = 1.1, r² jẹ́ 1.21, gbogbo wọn sì ń wọlé. Ẹni tó bá ti kó sí àárín òrùka méjèèjì kò lè jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró níbẹ̀, nítorí pé θ ń rìn nígbà gbogbo. Tíọ́rẹ́mù Poincaré àti Bendixson ní ìyípo tó pa ojú dé kò lè ṣàìwà níbẹ̀.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé àwọn èèyàn á lo òrùka ìta nìkan. Inú rẹ̀ ni ojú ìdúró, ibi tí nǹkan kan kì í ti í rìn, wà, ní (0, 0), tíọ́rẹ́mù náà kò sì sọ ohunkóhun nígbà yẹn, torí ipa-ọ̀nà lè lọ parí síbi ìdúró. Nítorí náà la ṣe gbẹ́ àárín kúrò.

Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀kan ṣoṣo ni? Ẹ pe `1/r²` ní u, ìdọ́gba náà á sì di `u' = -2u + 3 - cos2θ`, tó rọrùn láti yanjú. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀:

```
u = 3/2 - (cos2θ + sin2θ)/4
```

Nítorí náà r kò kúrò láàárín 0.73 sí 0.94, inú òrùka wa gan-an. Àlàfo u tó wà láàárín ipa-ọ̀nà mìíràn àti èyí ń dínkù bí `e^(-2t)`. Lẹ́yìn yíyí kan, ìdá bíi mẹ́ta àbọ̀ nínú mílíọ̀nù ló kù. Òpin tòótọ́ nìyẹn.

Láti sọ pé kò sí, irinṣẹ́ mìíràn la ń lò. Ẹ wo `x' = x(4 - 2x - y)` àti `y' = y(3 - x - y)`, níbi tí x àti y ti ju òdo lọ. Ẹ wá bí ìṣàn yìí, ìyẹn ìrìn gbogbo ipa-ọ̀nà lápapọ̀, ṣe ń fẹ̀ tàbí ń sún pọ̀: `7 - 5x - 3y` ni. Ó sún mọ́ 7 lẹ́bàá (0, 0), ó sì jẹ́ -4 ní ojú ìdúró (1, 2), àmì rẹ̀ ń yí, nítorí náà ìyẹn kò ràn wá lọ́wọ́. Ọgbọ́n Dulac ni pé ká kọ́kọ́ fi `1/(xy)` sọ ìdọ́gba méjèèjì di púpọ̀. Ó wá di `-2/y - 1/x`, tó máa ń kéré sí òdo nígbà gbogbo. Bí ìyípo bá wà, gẹ́gẹ́ bí tíọ́rẹ́mù Green, àpapọ̀ rẹ̀ nínú ìyípo náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, nítorí pé ìṣàn kò gba etí ìyípo kọjá. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ìyípo kankan.

Kò sí ìlànà fún rírí `1/(xy)` o, ńṣe la ń gbìyànjú oríṣiríṣi wò. Bí tiyín kò bá ṣiṣẹ́, kò túmọ̀ sí pé ìyípo wà. Ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ òrùka yẹn lọ sí ìdọ́gba mẹ́ta: ipa-ọ̀nà tó há síbẹ̀ lè máa rìn láìdúró, láìsì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.