Ibo la ti ń gé ọ̀rọ̀ tó ní gb tàbí kp?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mo ń to ìwé ìròyìn ìjọ wa sórí kọ̀ǹpútà. Lópin ìlà kan, ó gé "ìgbàgbọ́" sí "ìg-", ó wá ju "bàgbọ́" sí ìlà kejì. Ibo gan-an ló yẹ kí n ti gé e? Àwọn ọ̀rọ̀ oní-kp tí àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gé e sí "ìgbà-", kí "gbọ́" bọ́ sí ìlà kejì.

Ẹ rọra pe gbọ́ kí ẹ kíyè sí ẹnu yín. Ètè méjèèjì pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n náà gbéra lọ kan òkè ẹnu, wọ́n sì jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró kan ṣoṣo ni, lẹ́tà kan náà sì ni nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. G àti b ló rí, ó sì fi òfin Gẹ̀ẹ́sì gé wọn. Kò sí sílébù Yorùbá tó ń fi g parí, ìdí nìyẹn tí "ìg-" fi ń há èèyàn lẹ́nu.

Sílébù mẹ́ta ló wà nínú ìgbàgbọ́: ì, gbà, gbọ́. A lè gé e lẹ́yìn ì, ṣùgbọ́n èmi kì í fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀ lópin ìlà. Kò jọ ọ̀rọ̀ lójú ẹni tó ń kà á.

Bákan náà ni kp rí. Ohun tí àwa ní Nàìjíríà ń fi p kọ ni wọ́n ń fi kp kọ ní Bẹ̀nẹ̀. Àpótí wa ni àkpótí wọn, nítorí náà "àkpó-tí" ni, kì í ṣe "àk-pótí".

Ibi tó máa ń dàrú ni ibi tí n bá ṣíwájú gb. Nínú gbangba, n yẹn ló ń mú kí a rán a àkọ́kọ́ nímú, kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀: "gban-gba". Ǹ tó ní ohùn tirẹ̀, bíi ti ògbóǹtarìgì, sílébù ni lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ má ṣe fi bẹ̀rẹ̀ ìlà: "ògbóǹ-tarìgì".

Nínú Word, ẹ lọ sí Layout, Hyphenation, kí ẹ yan None. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kọ́sọ̀ sáàárín ìgbà àti gbọ́, kí ẹ tẹ Ctrl + -. Dáàṣì yìí kì í hàn lórí ìwé tí a tẹ̀ àyàfi tí ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ sí òpin ìlà. Ẹ má fi dáàṣì lásán ṣe é o, torí tí ẹ bá fi gbólóhùn kan kún un, ẹ ó bá "ìgbà-gbọ́" láàárín ìlà.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo etí ọ̀tún ojú ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí "g-" tàbí "k-", àṣìṣe ni, àfi tó bá jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì bíi Blackpool, tí k àti p inú rẹ̀ ń dá dúró.